Funfun Tí Kì Í Ṣe Eérú: Ẹ̀yìn Àwòrán Bàtà àti Aṣọ Tí Wọ́n Fẹ́ Tà

Funfun tí ojú rí àti funfun tí fóònù yà kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú àwòrán orí ẹ̀rọ, nọ́ńbà ni gbogbo àwọ̀. Àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán, tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì, ní ìwọ̀n pupa, ìwọ̀n àwọ̀ ewé àti ìwọ̀n búlúù, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 255. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ 0, dúdú kirikiri ni. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ 255, funfun báláú ni, kò sì sí funfun mìíràn lókè rẹ̀. 255 yìí ni ojú ìwé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàtà tí wọ́n yà nínú ilé lórí kádíbọọ̀dù funfun lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó jẹ́ 190 péré. Ohun tí olùrà yóò rí nígbà náà ni bàtà kan nínú àpótí aláwọ̀ eérú, láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró sórí funfun gedegbe.

Àwọn ọjà ńláńlá kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Amazon kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé 255,255,255 gan-an ni ẹ̀yìn àwòrán àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́, àti pé ọjà tí wọ́n ń tà gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àyè àwòrán náà. Ti bàtà tún le díẹ̀ sí i: ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ rí nínú àwòrán àkọ́kọ́, kí ó sì kọjú sí apá òsì. Jumia náà ń béèrè ẹ̀yìn funfun. Níbi tí òfin bẹ́ẹ̀ kò bá tilẹ̀ sí, àpótí eérú yẹn ṣì ń sọ fún olùrà pé inú yàrá ẹnì kan ni wọ́n ti yà á.

Fóònù kò mọ̀ pé kádíbọọ̀dù ló wà níwájú òun. Ohun tó mọ̀ kò ju bóyá ìmọ́lẹ̀ pọ̀ tàbí kò pọ̀ lọ. Wọ́n ti ṣe káàmẹ́rà kí ó máa ka ohun tó bá rí sí ohun tí kò funfun jù, tí kò sì dúdú jù, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí ènìyàn ń yà ṣe rí: ojú ènìyàn, igi, ògiri, títì. Nígbà tí funfun bá wá gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ojú àwòrán, ẹ̀rọ á gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Ibi tí eérú ti wọlé nìyẹn. Òdìkejì rẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí bàtà dúdú lórí aṣọ dúdú: ẹ̀rọ á máa fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí dúdú náà á fi ṣá. Ẹni tó ń ya àwòrán kì í tètè fura, nítorí ọpọlọ rẹ̀ ti mọ̀ pé funfun ni kádíbọọ̀dù, ó sì ń rí i ní funfun kódà lábẹ́ òjìji.

Nítorí náà, ìgbà tí wọ́n ń ya àwòrán gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe funfun. Áàpù lè parí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún áàpù, àwọ̀ ọjà ni yóò san gbèsè rẹ̀, bí a ó ṣe rí i níwájú.

Lójú fóònù, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tún àṣìṣe ìmọ́lẹ̀ yìí ṣe. Bí wọ́n bá tẹ ojú ibi tí bàtà wà, àmì oòrùn kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fà á sókè, àwòrán á mọ́lẹ̀ sí i. Lórí iPhone, bí wọ́n bá tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, AE/AF LOCK á yọ lókè, èyí tó túmọ̀ sí pé fóònù kò ní yí ìwọ̀n náà padà mọ́ títí wọ́n á fi ya gbogbo ẹsẹ̀ bàtà tó wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù Android náà ní irú ìtìpa bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa fa ìmọ́lẹ̀ sókè títí kádíbọọ̀dù á fi fẹ́ẹ̀ funfun tán, wọ́n á sì dúró kí ojú bàtà tó bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Ibi tí wọ́n á wò ni okùn rírán bàtà. Bí wọ́n bá fẹ àwòrán náà, tí ojú abẹ́rẹ́ kò bá hàn mọ́ níbi tó mọ́lẹ̀ jù, ó ti pọ̀ jù, kò sì sí áàpù tó lè dá ohun tí káàmẹ́rà kò gbà sílẹ̀ padà.

Ojú fèrèsé tí oòrùn kò gbà wọlé tààrà ni ibi tó rọrùn jù láti ṣiṣẹ́ yìí. Bí oòrùn bá ń wọlé, aṣọ fèrèsé funfun fẹ́lẹ́ tàbí nẹ́ẹ̀tì á tú u ká, òjìji á sì rọ̀. Kí wọ́n pa gbogbo iná inú yàrá. Gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n bí ti àtùpà á kun apá kan kádíbọọ̀dù ní àwọ̀ òféfèé, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé á fi búlúù díẹ̀ sí apá kejì, kò sì sí àtúnṣe kan tó lè sọ àwọn méjèèjì di funfun pọ̀. Ti Ọlọ́run nìkan tó, tàbí ti NẸ́PÀ nìkan; àdàpọ̀ ni kò dáa.

Àgbàlá máa ń tan ènìyàn jẹ. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa máa ń ju àwọ̀ rẹ̀ sókè sára ohunkóhun tó bá wà lórí rẹ̀, ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn sì máa ń ṣe bákan náà láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá ya kánfáàsì funfun ní àgbàlá ilé kan ní Ìbàdàn lè ṣàkíyèsí pé ìsàlẹ̀ bàtà náà pọ́n ju òkè rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ilẹ̀ ló ń dán lára rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ aṣọ ibùsùn funfun yí tábìlì náà ká, pupa yẹn á lọ.

Ìwé funfun náà sì ní tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìwé máa ń fi èròjà kan sí i tó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú kò lè rí, tó sì ń dá a padà ní búlúù kí ìwé lè dà bí ohun tó funfun jù. Ète kan náà ni alágbàfọ̀ ń lépa nígbà tó bá fi búlúù sínú omi ìkẹyìn. Lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, bàtà tí àwọ̀ rẹ̀ jọ wàrà máa ń dà bíi pé ó dọ̀tí. Kí wọ́n tó yan ìwé, kí wọ́n kó méjì tàbí mẹ́ta síbi fèrèsé pẹ̀lú bàtà náà, kí wọ́n wo èyí tó pọ́n tàbí tó búlúù jù. Èyí tó wà láàárín ni kí wọ́n lò.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ rọrùn. Wọ́n á fi sẹ́lótéèpù lẹ etí kádíbọọ̀dù kan mọ́ ògiri, wọ́n á sì jẹ́ kí ó rọra tẹ̀ wá sórí tábìlì láìká, kí ìlà ibi tí tábìlì ti pàdé ògiri má baà hàn. Fèrèsé á wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, fóòmù líle funfun, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n tuntun, á sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún láti dá ìmọ́lẹ̀ padà. Bàtà á jìnnà sí ibi tí ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, kí òjìji rẹ̀ lè bọ́ sórí tábìlì, kí ó má ṣe gun ògiri. Fóònù á dúró lórí nǹkan kan, ní nǹkan bíi mítà kan àbọ̀, wọ́n á sì fi 2x sún un mọ́. Ẹni tó bá gbé fóònù wá sí ìtòsí pẹ̀lú 1x á rí i pé iwájú bàtà náà wú, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì rù. Bí ojú káàmẹ́rà tó gbòòrò ṣe máa ń rí nǹkan tó bá sún mọ́ ọn nìyẹn. Kí wọ́n má sì gbàgbé láti nu ojú káàmẹ́rà. Òróró ìka lójú gíláàsì ló ń fa ọ̀pọ̀ àwòrán tó dà bíi pé èéfín wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú sálúbàtà awọ aláwọ̀ ilẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Wọ́n yà á lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ́ gbogbo nǹkan bí a ṣe sọ, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gbé fóòmù dúró. Wọ́n ṣí àwòrán náà nínú Photopea, áàpù ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ nínú búráúsà láìjẹ́ pé wọ́n fi nǹkan kan sórí ẹ̀rọ, wọ́n sì wo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Info. Apá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, jẹ́ 246. Apá ọ̀tún jẹ́ 225. Ibi tó mọ́lẹ̀ lára awọ sálúbàtà náà jẹ́ 150.

Ohun èlò tí wọ́n fi ń sọ irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ di funfun ni Levels. Àmì mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún sì ni ti funfun. Bí wọ́n bá fà á wá sórí 225, ohun gbogbo tó jẹ́ 225 sókè á di 255, ẹ̀yìn náà á sì funfun láti òsì dé ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ 225 náà á gòkè lọ ní ìwọ̀n kan náà: 150 tó wà lára awọ á di 170. Ìyẹn ni pé sálúbàtà tó dúdú bí obì tó ti pọ́n á dà bí èyí tí oòrùn ti pa. Ẹni tó bá rà á á rí ohun tó dúdú ju àwòrán lọ nígbà tí ó bá dé ilé rẹ̀, ó sì lè dá a padà pé kì í ṣe èyí tí òun rà.

Wọ́n gbé fóòmù náà wá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n tún àwòrán yà. Apá òsì di 250, apá ọ̀tún di 243, awọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá fa àmì funfun wá sórí 243, awọ á gòkè láti 150 sí nǹkan bí 157. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn. Fóòmù tí wọn kò fi owó rà ló ṣe ohun tí Levels kò lè ṣe láìba àwọ̀ jẹ́.

Òjìji kékeré tó wà lábẹ́ sálúbàtà náà á ṣì wà níbẹ̀, nítorí ó kéré púpọ̀ sí 243. Kí wọ́n fi sílẹ̀. Bàtà tí kò ní òjìji rárá máa ń dà bí ohun tó léfòó. Ohun tó yẹ kí wọ́n wá kiri ni eruku, irun àti àmì ìka lórí kádíbọọ̀dù, tí ojú kò tètè rí lórí funfun. Ọgbọ́n kan wà fún un: kí wọ́n tún ṣí Levels, kí wọ́n fa àmì dúdú tó wà lọ́wọ́ òsì títí dé 245. Gbogbo ohun tí kò bá tó 245 á di dúdú kirikiri, àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan á sì yọ síta bí eṣinṣin lórí ẹ̀kọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n á fagi lé Levels yẹn, wọ́n á wá nu àwọn àbàwọ́n náà kúrò.

Kánfáàsì funfun lórí ẹ̀yìn funfun ló le jù nínú gbogbo bàtà. Ohun tí wọ́n ṣe fún sálúbàtà á pa á run, nítorí ara bàtà náà lè jẹ́ 240, tó sì bá ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba. Bí ẹ̀yìn bá di 255, etí bàtà á wọ inú rẹ̀ lọ, olùrà á wá rí okùn àti àmì ilé-iṣẹ́ tó ń fò lójú òfuurufú. Níbi yìí, dúdú ni wọ́n fi ń ṣe funfun. Wọ́n á mú páálí dúdú méjì, wọ́n á gbé wọn dúró sí òsì àti ọ̀tún bàtà, díẹ̀ lẹ́yìn ibi tí àwòrán parí sí. Etí bàtà á gba dúdú yẹn sára, ìlà eérú tín-ín-rín kan á sì yọ yí i ká, bí ẹni fi pẹ́ńsù fà á. Kí wọ́n dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀ kí ara bàtà lè wà ní nǹkan bí 225 sí 235, kí okùn rírán rẹ̀ sì hàn.

Bí ẹ̀yìn náà kò bá wá funfun tó, wọ́n lè fi fèrèsé fúnra rẹ̀ ṣe ẹ̀yìn. Wọ́n á ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ sójú rẹ̀, wọ́n á gbé bàtà síwájú rẹ̀, fóònù á sì kọjú sí fèrèsé. Ẹ̀yìn á di ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì mọ́lẹ̀ ju bàtà lọ láìsí wàhálà. Fóòmù funfun á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù láti tan ìmọ́lẹ̀ sí iwájú bàtà. Ọ̀nà yìí dáa, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù láti ẹ̀yìn máa ń wọ ojú káàmẹ́rà, á sì sọ gbogbo àwòrán di kùrukùru. Bí dúdú ìsàlẹ̀ bàtà bá ti ń dà bí eérú, fèrèsé náà ti mọ́lẹ̀ jù. Kí wọ́n fi aṣọ kan sí i kún un.

Aṣọ ní ìṣòro tirẹ̀, àdìrẹ sì ni ó fi í hàn jù. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya ọnà kí wọ́n tó rẹ aṣọ sínú aró. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ náà sí, nítorí náà aró máa ń rìn díẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìn. Àwọn ìlà ọnà rẹ̀ kì í sábà funfun. Búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n, ẹwà aṣọ náà sì wà nínú búlúù yẹn. Ká ní ìlà kan jẹ́ 190 nínú pupa, 205 nínú àwọ̀ ewé àti 225 nínú búlúù. Bí oníṣòwò kan ní Ìtòkú bá fa àmì funfun wá sórí 225 kí ẹ̀yìn àwòrán rẹ̀ lè mọ́, ìlà náà á di 215, 232 àti 255. Ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i ní funfun. Aṣọ tí ó wà nínú àwòrán kì í ṣe aṣọ tó wà nínú ilé ìtajà mọ́. Ó ti jọ èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde.

Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n ya aṣọ kúrò lára ẹ̀yìn rẹ̀ kí Levels tó dé. Aṣọ tí wọ́n ká ní onígun mẹ́rin, tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, ló rọrùn jù fún èyí. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pátákó tí wọ́n fi ọ̀dà funfun tí kì í dán kùn, nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń yà á á dúró sórí àpótí ìjókòó, ní ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ kò ti wá, kí òjìji rẹ̀ má baà bọ́ sórí aṣọ. Fóònù gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Bí ó bá tẹ̀, onígun mẹ́rin náà á fẹjú lápá kan. Lórí iPhone, àmì àròpọ̀ méjì máa ń yọ láàárín ojú káàmẹ́rà tí wọ́n bá ti tan Grid tàbí Level nínú Settings, wọ́n á sì di ọ̀kan nígbà tí fóònù bá dọ́gba.

Nínú Photopea, wọ́n á fi Polygonal Lasso tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lọ sí Select, wọ́n á yan Inverse. Ẹ̀yìn nìkan ló kù lábẹ́ ọwọ́ nísinsìnyí. Kí wọ́n fi Feather rọ etí rẹ̀ ní píksẹ́lì 2, kí ó má baà dà bí ohun tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá ṣí Levels, wọ́n á sì fa funfun wá síbi tó bá wù wọ́n. Aṣọ kò ní yẹ̀ rárá.

Àwọn áàpù tó ń gé ẹ̀yìn kúrò fúnra wọn wà, iPhone tilẹ̀ ti ní èyí nínú rẹ̀ láti ìgbà iOS 16 ní 2022: bí wọ́n bá tẹ ohun tó wà nínú àwòrán mọ́lẹ̀, á yọ kúrò lára ẹ̀yìn rẹ̀. Fún bàtà tí kò ní ihò, iṣẹ́ wọn dáa. Ibi tí wọ́n ti máa ń já ni kulẹ̀ ni àárín okùn sálúbàtà, níbi tí wọ́n ti máa ń fi ẹ̀yìn àtijọ́ sílẹ̀, àti léèsì, tí wọ́n máa ń dí gbogbo ojú ihò rẹ̀ bí ẹni fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Wàwà etí aṣọ òkè náà máa ń pòórá. Wọ́n sì máa ń gé òjìji dànù. Ẹni tó bá lò wọ́n gbọ́dọ̀ fẹ àwòrán, kí ó fi ojú yí etí ọjà náà ká látòkè délẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pa á mọ́, àwòrán tí wọ́n ti gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò kò ní funfun kankan; òfìfo ló wà níbẹ̀. PNG lè gbé òfìfo, JPG kò lè gbé e. Bí áàpù kan bá wá sọ PNG náà di JPG, ó lè fi dúdú dí òfìfo yẹn, bàtà á wá jókòó sínú òkùnkùn. Kí wọ́n fi funfun 255 tẹ́ abẹ́ rẹ̀ fúnra wọn kí wọ́n tó fi JPG pa á mọ́, kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù má sì dín sí 1,000 píksẹ́lì, kí olùrà lè fẹ̀ ẹ́. Bí àwòrán náà bá sì gbọ́dọ̀ gba WhatsApp kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó ń gbé ọjà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Document ni kí wọ́n fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ bí àwòrán lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, àwọn àmì eérú kéékèèké á sì yọ yí etí bàtà ká, níbi tí wọ́n ti fọ ẹ̀yìn mọ́ tẹ́lẹ̀.